Kíbọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Dán Wò Lọ́jọ́ Tí Kò Tíì Dé

Cak Gondo, ìyẹn Bọ̀dá Gondo, ní kí kíbọ́ọ̀dù kan tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àwọn, òun á ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbàárùn-ún ìgbà, ní èémí kan ṣoṣo, lójú dídì. Ó ní lọ́dún tó kọjá òun tẹ ọ̀kan débi pé ó gbiná, àwọn panápaná ìlú Surabaya sáré dé, àmọ́ nígbà tí wọ́n rí ìka òun, gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n ń fi fìlà fẹ́ òun.

"Ta ló wá pa iná náà?" mo bi í.

"Òógùn mi ni, Cak Sukir. Ó ṣàn títí dé odò."

Ẹ má dá mi lóhùn bí mo bá rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù wọn náà mọ irọ́ọ́ pa, mo ti sọ fún ìyàwó mi rí pé ẹ̀fọn ló gbé owó oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́rú, ẹ̀rín náà ò lọ jìnnà. Ilé ìtajà kọ̀ǹpútà wa ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan lóṣù yìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ibi tí wọ́n bá tì, wọ́n á pa iná ibẹ̀. Òkùnkùn náà ti dé ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tiwa, ó lúgọ síbẹ̀ bí ológbò tó rí ẹja.

Bu Ratmini, ìyẹn Màmá Ratmini, opó tó ni ṣọ́ọ̀bù tí Gondo ti ń ṣiṣẹ́, kì í fẹ́ wo apá ibẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń rí oníbàárà báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fẹjọ́ ọjà rẹ̀ sùn níbẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn tó ni ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, kò sì ní sí ẹni tí yóò bẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọlọ́kadà kan gbé àpòòwé dé. Bírò ni wọ́n fi kọ lẹ́tà inú rẹ̀. Bu Ratmini kà á sókè:

"Sí Bu Ratmini. Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Widaningsih. Ìwé ìhágún ni mò ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Sidoarjo. Kíbọ́ọ̀dù tí mo rà lọ́wọ́ yín dé lánàá, bọ́tìnì mẹ́rin ló sì ti kú lára rẹ̀: 2, W, S àti X. Mo fi sára kọ̀ǹpútà mẹ́ta, bákan náà ni. Mo ti fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù yín, láti ìgbà tí mo ti ń tú páálí. Mi ò béèrè owó. Òmíràn tó pé ni mo fẹ́, kó sì dé kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ẹtì tó lù, torí bàbá kan wà ní ọsibítù tó ń dúró de ìwé rẹ̀, dókítà sì ní kò dájú pé yóò rí ọ̀sán. Bí kò bá dé, màá fẹjọ́ sùn. Ohun kan tún wà tó ń bà mí lẹ́rù. Ẹ wo sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n dán kíbọ́ọ̀dù yìí wò ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Ọjọ́ náà ò tíì dé."

Létí òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná kan tún ṣẹ́jú, ó kú.

Òfin Bu Ratmini ni pé ẹni tó bá dán kíbọ́ọ̀dù wò ni yóò kọ orúkọ àti déètì sórí sítíkà, tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí skúrù ẹ̀yìn rẹ̀. Bí sítíkà bá ya, kò sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Gondo nìkan ló ń dán wọn wò.

"Iwin ni," ni Gondo wí, ojú rẹ̀ ti funfun. "Bu, iwin ló wà nínú òkùnkùn ọ̀hún. Mo ti rí i. Ó ga ju òpó iná lọ, ó ní eyín bíi bọ́tìnì. Ohun kan máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì o!"

Mo fẹ́ràn irọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn kí déètì máa ṣíwájú èèyàn lọ.

Bu Ratmini ṣí fídíò náà. A rí páálí tí wọn ò tíì tú, a rí ọ̀bẹ, a rí ọwọ́ obìnrin tí kò gbọ̀n. Obìnrin náà yí ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù padà: sítíkà wà níbẹ̀, kò ya, orúkọ Gondo gàdàgbà. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tẹ W. Ojú kọ̀ǹpútà ò dáhùn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń jí òkú.

"Kọfí ló dà sí i!" ni Gondo pariwo.

"Gondo, èwo ni ká mú? Iwin ni àbí kọfí?"

"Iwin tó ń mu kọfí, Bu."

Bu Ratmini ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó mú kíbọ́ọ̀dù tuntun kan tí yóò fi rọ́pò. Ó yí i padà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ló wà lára sítíkà. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń dán an wò, tí àwòrán bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan á di àwọ̀ ewé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. E, D àti C dúró ní àwọ̀ eérú.

Ó mú òmíràn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni tiẹ̀, ọjọ́ òmìnira, tí gbogbo ìlú á máa gun òpó tí wọ́n fi gírísì pa, tí ṣọ́ọ̀bù kankan nínú ilé wa ò ní ṣí. Bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

"Cak Sukir," ni Bu Ratmini wí láìwo ẹ̀yìn, "ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ̀kẹta ṣiṣẹ́. Gbogbo àwòrán bọ́tìnì rẹ̀ di àwọ̀ ewé, látòkè délẹ̀. Síbẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló wà lára sítíkà rẹ̀. Bu Ratmini fi èékánná họ ọ́ kúrò, ó lẹ òmíràn, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti déètì òní. Ó ní kí n fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó dì í, ó pe ọlọ́kadà.

"Sidoarjo. Ọwọ́ Bu Widaningsih fúnra rẹ̀ ni kó o fi lé. Kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ o."

Ọ̀kadà náà ya lọ. Ìgbà yẹn ni Bu Ratmini yíjú sí Gondo, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, èyí tó bà mí lẹ́rù ju igbe lọ.

"Ọmọ mi, ṣí àpótí abẹ́ káńtà."

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, Bu. Àdán ló gbé e mì, mo sì lé àdán náà dé orí òkun…"

"Ọrùn ẹ lo gbé e kọ́ yẹn."

Gondo wo ọrùn ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ṣí àpótí. Sítíkà ló kún ibẹ̀, ìdì lórí ìdì, gbogbo rẹ̀ ló ti buwọ́ lù: oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọjọ́ ọdún, ọjọ́ Kérésìmesì. Kò tíì tẹ bọ́tìnì kan rí; èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń lẹ̀ mọ́ kíbọ́ọ̀dù. Ó ti jókòó lọ́jọ́ kan, ó fi bírò dán gbogbo ọdún wò.

"Gondo," ni Bu Ratmini wí, ó fa ọ̀kan yọ, "ṣé mo ṣì ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó wà lára èyí?"

Gondo bá gba abẹ́ apá mi kọjá bí eku ilé, bàtà kan ṣẹ́kù sílẹ̀, ìdì sítíkà kan lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì sá wọ inú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tó ní iwin wà, ó ń sá, ọjọ́ iwájú ń já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.