Ìgbà Wo Ni Ẹ Lọ Ìsinmi Kẹ́yìn?

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀. Bí mo bá jókòó, orúnkún mi á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Bí mo bá dìde, ojú fèrèsé ni mò ń lọ, níbi tí mo ti lè rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọ́ lọ sí èbúté Tẹmá, ní Ghana níbí. Kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wò. Obìnrin kan ni mò ń retí, ẹni tó ń bọ̀ wá wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bó bá gba iṣẹ́, ilé yá fún mi nìyẹn.

Ọládàpọ̀ lorúkọ mi. Iléeṣẹ́ wa ló máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwa là ń to ìwé ẹrù sórí kọ̀ǹpútà, àwa là ń sá tọ àwọn aṣọ́bodè lọ, àwa náà là ń gba èébú lórí fóònù bí kọ̀ǹténà bá pẹ́ ní èbúté tí owó ìdádúró ń gun orí ara wọn. Iṣẹ́ náà ò burú rárá. Ohun tó burú ni pé iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ni, èmi nìkan ló sì kù nídìí ẹ̀.

Ìyàwó mi, Ọlábùnmí, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ọmọ wa kẹta nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Táyọ̀, àkọ́bí wa, lórúkọ, orí fóònù ni mo ti ń ṣe àmín, torí ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Ti èkejì, ẹrù oníbàárà kan há, mi ò lè kúrò. Mo wá ṣèlérí fún Ọlábùnmí pé ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ọwọ́ mi ni wọ́n máa gbé ọmọ náà lé. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Lartey, ó ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró nípò rẹ? Ọjọ́ tí a bá ti rí ẹni gbà, máa di ẹrù rẹ."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà lórí okùn nígbà tí òjò ṣú.

Obìnrin náà dé, ó ń nu òógùn ojú. Ó ní láti àdúgbò Tudu lòun ti wọ tròtrò, ọkọ̀ èrò wọn níbí, gosiló ojú títì Tẹmá kò jẹ́ kóun tètè dé. Àsmá'ù Sàlàkọ́ lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Lartey sọ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Dàpọ̀, ọmọ Alátà bíi tìẹ ni. Jẹ́ kí ibí wù ú." Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Ọ̀gá bi í léèrè, ó dáhùn. Ó mọ iṣẹ́. Ó mọ ìwé tí ẹrù oúnjẹ ń bèèrè, ó mọ ibi tí wọ́n máa ń dá ọkọ̀ àlòkù dúró sí. Inú mi ń dùn, mo ti ń fojú inú kó aṣọ sínú báàgì. Ọ̀gá bá bi í bóyá ó ní ìbéèrè tirẹ̀. "Rárá" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ níbẹ̀ yẹn. Àwọn tó bá láyà díẹ̀ á béèrè owó oṣù.

Àsmá'ù ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tó wà nípò yìí tẹ́lẹ̀, kí ló gbé e lọ?"

Ọ̀gá ní, "Ó fẹ́ tẹ̀ síwájú."

Ọ̀rọ̀ Àrówólò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀gá ń sọ. Àrówólò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láìrí òmíràn. Ta ló ń tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀? Mo wo ilẹ̀.

"Àná ńkọ́, sà? Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ tí mò ń bọ̀ wá ṣe, kí ló ṣe láti àárọ̀ títí tó fi lọ sílé?"

"Ọjọ́ kan ò jọ kan níbí," ni ọ̀gá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Bí ẹbí kan la ṣe rí."

Ẹbí! Ẹbí tí kì í jẹ́ kí bàbá dé ibi ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀. Mo fi ikọ́ bo ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi.

Obìnrin náà kò kánjú. Ó tún ní, "Nígbà tí àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, bí ẹrù tó pẹ́ jù ní èbúté, kí lẹ ṣe lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ẹni tó fà á kò ní gbàgbé láéláé," ni ọ̀gá dáhùn. Ó rò pé ìdáhùn tó dáa lòun fún un.

Àsmá'ù mi orí díẹ̀. Ó wá béèrè èyí tí mi ò gbọ́ rí látìgbà tí mo ti ń jókòó síbi irú nǹkan báyìí: ṣé òun lè bá ẹni tí àwọn yóò jọ máa ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kóun tó máa lọ sílé? Ọ̀gá wò mí. Ó ṣẹ́jú. Ó ní òun ń lọ gbọ́ fóònù, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Ó ku èmi àti ẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọ. "Aago mélòó lẹ kúrò níbí lánàá?"

"Mẹ́fà," ni mo wí. Irọ́ ni. Nígbà tí mo dé Ashaiman tí mò ń gbé, àwọn oníkẹ́ńkẹ́ tó ń ta oúnjẹ àgbàdo lálẹ́ ti palẹ̀ mọ́, gààrí ni mo mu sùn.

Ó ń wò mí. Mo rò pé ó ti gbà á gbọ́, àfi bó ṣe yí ohùn padà sí Yorùbá. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀, ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ghana, ṣùgbọ́n ó yé mi yékéyéké.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, mo bi wọ́n pé ṣé iṣẹ́ pọ̀, wọ́n ní kò pọ̀, àṣé irọ́ ni. Bí èèyàn bá bi ọlọ́bẹ̀ bóyá ọbẹ̀ ẹ̀ dùn, ṣé á ní kò dùn ni? Ohun tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò ló yẹ kéèyàn béèrè. Mo lọ́mọ kékeré. Màámi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Mi ò ní ẹlòmíì. Ìdí tí mo fi ń da ẹ̀yin láàmú nìyí."

Mo ní kò sí ìdààmú kankan.

"Ẹ ṣé. Ìgbà wo lẹ lọ ìsinmi kẹ́yìn? Nígbà tẹ́ ẹ lọ, ṣé fóònù yín ń dún?"

Áà! Ẹlòmíì ì bá béèrè bóyá iléeṣẹ́ wa ń fúnni ní ìsinmi, èmi náà ì bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin Ghana ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò béèrè nípa òfin. Ọ̀rọ̀ èmi fúnra mi ló béèrè. Fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì lásìkò yẹn gan-an. Ọlábùnmí ló fi ohùn ránṣẹ́. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, torí ohun kan náà ló ti ń wí látọjọ́ Ajé: "Bàbá Táyọ̀, ṣé ẹ ń bọ̀?"

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, kí n máa lọ rí ọmọ mi. Ọmọ rẹ̀ náà ńkọ́? Ta ni yóò gbé e ní Tudu bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìyá rẹ̀ ń to ìwé ẹrù? Nǹkan tí wọ́n ṣe sí mi ni mo fẹ́ gbé lé e lórí yìí.

"Mi ò lọ ìsinmi láti ọdún mẹ́ta," ni mo wí. "Mi ò kúrò níbí ní aago mẹ́fà lánàá. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, má retí ilé. Wasáàpù ọ̀gá ń dún ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí pásítọ̀ bá ń wàásù. Ẹni tó wà nípò yẹn, wọ́n yọ owó ìdádúró ẹrù nínú owó oṣù ẹ̀, ló fi lọ."

Ó tún ní, "Bó bá jẹ́ ọwọ́ yín ló wà, kí lẹ máa kọ́kọ́ yí padà?"

"Màá gba èèyàn méjì, kì í ṣe ẹyọ kan." Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe yára jáde lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tó ń fi sùúrù sọ fún ọ̀gá pé òun ò ní lè ṣe é.

Ọ̀gá wọlé, ojú rẹ̀ le. "Kí lo sọ fún un?"

"Ohun tó béèrè ni mo dáhùn, sà."

"Ẹnì kan péré ló kù tó wá béèrè iṣẹ́ yìí. Bí èyí náà bá lọ, gbàgbé Nàìjíríà. Má la ẹnu rẹ."

Ẹni tó kù náà jẹ́ arákùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ojú ìlà ibi tí wọ́n ti ká a ṣì wà lára rẹ̀. Ó jókòó sí etí àga. Gbogbo ohun tí ọ̀gá wí, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo fi ọwọ́ di orúnkún mi mú, kò gbọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọkàn mi wà, lẹ́yìn obìnrin tó ti lọ. Abèèrè kì í ṣìnà, òun ti rí ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ṣé o ní ìbéèrè fún wa?" ni ọ̀gá wí.

"Rárá o, sà. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Ọ̀gbẹ́ni Lartey fi ẹ̀yìn ti àga, inú rẹ̀ dùn. "Irú ẹ̀ ni mò ń wá. Dàpọ̀, lọ máa di ẹrù rẹ."

Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún rèé. Ó dé tán pátápátá, mo kàn ní láti dákẹ́. Àmọ́ àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo wo arákùnrin yìí tó ń rẹ́rìn-ín, mo rí ara mi lọ́jọ́ tí mo wọ yàrá yìí. Èmi náà ò béèrè nǹkan kan.

"Béèrè," ni mo wí.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Dàpọ̀."

"Béèrè ìgbà tí mo lọ ìsinmi kẹ́yìn lọ́wọ́ mi."

Arákùnrin náà wo ọ̀gá, ó wò mí, ó gbé itọ́ mì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìgbà wo lẹ lọ ìsinmi kẹ́yìn?"

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun kò ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan yìí rọra sún síwájú lórí àga. "Ìgbà wo wá lẹ máa lọ?"

Láti ọdún mẹ́ta, mi ò bi ọ̀gá mi ní ìbéèrè yẹn tààrà rí. "Ọjọ́ tí a bá rí ẹni gbà" ni mo ń gbé sùn, tí mò ń gbé jí. Ọ̀gbẹ́ni Lartey ń wò mí, ó ń dúró kí n fi ẹ̀rín pa á rẹ́. Bóyá iṣẹ́ lọ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gbọ̀n mọ́.

"Lọ́la," ni mo wí.

Mo mú fóònù mi lórí tábìlì, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ìyàwó mi.