Àfikún Kẹfà

Ròdíyátù kì í fi oníbàárà ṣeré, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló gbé onítọ̀hún wá. Nígbà tí Hàlímọ̀ àti ọmọ rẹ̀, Ramlat, wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Sabon Gari, nílùú Kano, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kò jẹ́ kí wọ́n jókòó tán kó tó bi wọ́n pé kí ló dé. Hàlímọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gba Ramlat wọlé, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá lọ sí ìkànnì wọn láti sọ pé òun gba ipò náà kí aago mẹ́rin tó lù, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún ní ipò rẹ̀. Fóònù Ramlat wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe ní Zoo Road. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ti ìyá rẹ̀ ni wọ́n ki síìmù rẹ̀ bọ̀.

Aago méjì ti kọjá díẹ̀. Ròdíyátù rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni iṣẹ́ náà. Ramlat tẹ nọ́mbà ìdánwò rẹ̀ àti páásíwọ́ọ̀dù, ojú-ewé ṣí, ibi tí wọ́n kọ 'Mo gbà' sí sì hàn kedere. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò mira. Wọ́n tún un tẹ̀, bíi pé ògiri ni wọ́n ń tẹ̀.

Ròdíyátù mọ̀ pé ẹni méjì ló ti bínú jáde láàárọ̀ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì kan náà. Kò sí èyí tí kò dán wò nínú kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá rántí pé ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ojú-ewé ló bàjẹ́, bí kò ṣe ọ̀kan nínú àwọn àfikún, àwọn ohun kéékèèké tí èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ búráúsà kó lè ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ ni pé kí wọ́n ṣí pùrófáìlì tuntun, tí kò ní àfikún kankan lára, kí wọ́n wò ó bóyá ojú-ewé á ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ó ṣí tuntun. Àmọ́ bó ṣe mọ́ ọn lára, ó fi àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù wọlé sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí òun àti Hàrúnà àbúrò rẹ̀ ṣe máa ń ṣe lórí gbogbo kọ̀ǹpútà kí páásíwọ́ọ̀dù àti ohun tí wọ́n tọ́jú lè bá wọn dé ibikíbi. Bọ́tìnnì náà ṣì kú. Ó ti fẹ́ sọ fún Hàlímọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ló lẹ̀bi nígbà tí ojú rẹ̀ lọ sí òkè búráúsà. Àwọn àfikún méjèèje ti tò síbẹ̀, wọn ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Àkáǹtì tó fi wọlé ló kó gbogbo wọn dání. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ìdọ̀tí bọ inú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó bú ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ó lè ṣí òmíràn kó má fi àkáǹtì wọlé, àmọ́ ó fẹ́ mọ èyí tó ń bà á jẹ́, torí bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí èyí tó máa wúlò nínú kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́la. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pa èyí tó ń dí ìpolówó, ó tún ojú-ewé ṣí, kò yí padà. Ó tan ìyẹn padà, ó pa èyí tó ń túmọ̀ èdè. Kò yí padà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, aago mẹ́ta kọjá, Hàlímọ̀ sì ti ń fi ìka ka tẹ́súbà láìsọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹfà ni èyí tó ń sọ ìwé di PDF. Hàrúnà ló fi í síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má fọwọ́ kàn án. Ó pa á, ó tún ojú-ewé ṣí, bọ́tìnnì náà sì jí. Ramlat rẹ́rìn-ín. Ó fi èdè Hausa yìn ín pé, "Madalla, Àǹtí."

Ṣùgbọ́n ó di dandan kí ọmọ náà ka òfin ilé-ẹ̀kọ́ lójú-ewé mìíràn kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, bọ́tìnnì ti tún kú. Ròdíyátù lọ wo àwọn àfikún. Ẹ̀kẹfà ti tàn. Ó pa á. Ó ń wò ó báyìí, kò gbọ́wọ́ lé nǹkan kan, nǹkan náà sì tún tàn fúnra rẹ̀ lójú rẹ̀.

Bí èèyàn bá pa àfikún tàbí tó tàn án lórí kọ̀ǹpútà kan, ó ń hàn lórí gbogbo èyí tó ń lo àkáǹtì náà. Ó ti pa kọ̀ǹpútà méjì yòókù, wọ́n wà níwájú rẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù nìkan ló kù, ó sì wà lọ́wọ́ Hàrúnà nílé rẹ̀ ní Tarauni. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àfikún náà, ohun tó yẹ kó ti kà láti oṣù kan sẹ́yìn: ó láṣẹ láti ka gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ lórí ojú-ewé gbogbo.

Ó ṣí pùrófáìlì mìíràn, kò fi àkáǹtì kankan wọlé, òkè búráúsà sì mọ́ tónítóní. Ramlat wọlé níbẹ̀, ó tẹ 'Mo gbà,' ó sì ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìkànnì ní òun ti fi nọ́mbà àṣírí ránṣẹ́ sí fóònù tó parí sí 417.

"902 ni tèmi parí sí o," Ramlat sọ.

Ròdíyátù mọ 417. Òun ló ra síìmù náà fún Hàrúnà lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó tún mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yìí ni Ramlat ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tó ti ṣàyẹ̀wò èsì, tó sì ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Hàrúnà, nọ́mbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ. Kà á fún mi."

Hàrúnà ní, "Ta ló wà pẹ̀lú yín?"

"Ìyá Ramlat ni."

"Nǹkan tí ẹ ń pa tí mò ń tàn yẹn, ẹ má pa á mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ó wo Ramlat. Ó padà sí pùrófáìlì tó ní àkáǹtì, ibi tí ẹ̀kẹfà ti ń tàn yòò. "Ó ti wà ní títàn. Mi ò ní pa á."

Hàrúnà ka nọ́mbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ròdíyátù tẹ̀ wọ́n sínú pùrófáìlì mímọ́, ibi tí ojú àbúrò rẹ̀ kò dé. Ìkànnì gbà á. Kò tí ì mí kanlẹ̀ tó fi yí nọ́mbà fóònù padà sí ti Ramlat, tó sì ní kí ọmọ náà fi páásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Hàrúnà sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bèèrè oúnjẹ, "orúkọ yín ló wà lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù o. Kò sí tèmi níbẹ̀." Ó gé fóònù.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Hàlímọ̀ di ọwọ́ Ròdíyátù mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run má dójú tì í láé, kó bá a dá àbúrò rẹ̀ tó ka nọ́mbà náà sí, kó má fi ìyà jẹ ẹ́.

Ó ń dúró kí Ròdíyátù ṣe àmín. Ròdíyátù kò lè ṣe é. Ẹ̀rù ń bà á, torí gbogbo orúkọ tó ti kọjá níbi kọ̀ǹpútà wọ̀nyí láti oṣù kan ló ń tò kọjá lójú rẹ̀.

"Ìyá Ramlat, ẹ má tí ì lọ," ló sọ. "Àbúrò mi ló jí páásíwọ́ọ̀dù ọmọ yín, tó sì fi nọ́mbà fóònù tirẹ̀ rọ́pò ti ọmọ náà. Ẹ bá mi dé àgọ́ ọlọ́pàá, torí tí mo bá dá lọ, mo lè yà sílé rẹ̀ lójú ọ̀nà kí n sì dárí jì í."