Ìlà Kẹta Lábẹ́ Owó Tí Wọ́n Yọ

Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é nílé, torí pé láti kékeré, bí o bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, yóò bi ọ́ pé láti ibo. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti fi ìbéèrè rẹ̀ sunkún, ó ti fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà pé ogún ọdún ó lé méjì, tó ní òun ò fẹ́ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì, ìyá ò bá a jà. Ó kàn fi aṣọ bo ẹ̀rọ kejì tó ti rà sílẹ̀ dè é, ó ní, "Ibẹ̀ ló máa wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìyà jẹ ọ́ níbẹ̀, o mọ̀nà ilé."

Àmọ́ nígbà tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dé, tó sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni owó oṣù, ẹ wá wo ìyá! Kò sí oníbàárà tó wá wọn aṣọ lọ́sẹ̀ yẹn tí kò gbọ́. Obìnrin kan tó wá gba búláòsì lásán gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. "Igba o! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba! Ọmọ tí mo bí!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ní rọrùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, akọ̀wé owó oṣù pín ìwé jáde láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba tirẹ̀ ló ń ká a sí mẹ́rin tó ń tì í bọ àpò. Ní ilé iṣẹ́ náà, èèwọ̀ ni kí ẹnì kan wo ìwé owó oṣù ẹlòmíì. O lè bá ẹnìkejì rẹ jẹun nínú abọ́ kan fún ọdún mẹ́wàá kí o má mọ iye tó ń gbà. Oníbéèrè náà ká tirẹ̀, ó tì í bọ àpò. Owó òógùn rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé nìyẹn, kò ì tíì rí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé ló ti tú u. Ìyá wọ gíláàsì ìríran, ó fi ìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dákẹ́. Tí obìnrin yẹn bá dákẹ́, ẹ sá.

"Kí lèyí?" ló bi í. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́jọ? Níbo ni igba wà?"

"Màámi, igba wà lókè níbí. Wọ́n yọ díẹ̀ nínú ẹ̀ ni."

"Díẹ̀! Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni díẹ̀! Tí oníbàárà bá gbé ọ̀pá mẹ́fà wá, tí mo dá mẹ́rin padà fún un, ṣé yóò ní mo yọ díẹ̀ ni? Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. Gbọ́ mi dáadáa: bí Jímọ̀ tó ń bọ̀ bá dé tí owó yẹn ò tíì padà, o ò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Màá ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ yẹn fúnra mi."

Kò sì fi ṣeré. Ìyá tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọmọ mẹ́ta yọrí kì í sọ̀rọ̀ dànù. Omi lé ròrò sójú Oníbéèrè, torí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Òun ló ń gbé páálí bisikíìtì lé orí ìwọ̀n. Kílò mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ jẹ́, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín, èyí tó bá sì yàtọ̀, yóò yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oṣù kan péré, ó ti yọ páálí mọ́kànlá tí gbogbo ènìyàn ti fojú fò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó ti ìwé náà. Apá òkè ò fún un ní wàhálà. Owó iṣẹ́ gan-an jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà, owó ilé jẹ́ márùndínlọ́gọ́ta, owó ọkọ̀ jẹ́ márùndínlógójì. Ó pa wọ́n pọ̀, igba ni. Òótọ́ ni lẹ́tà sọ. Ìlà mẹ́ta tó wà lábẹ́ owó tí wọ́n yọ ló ta kókó: owó orí, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá; owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún; owó ìfẹ̀yìntì agbanisíṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ó ka ìlà kẹta yẹn títí. Ó mọ ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́, òun ni. Ó mọ ẹni tó ń jẹ́ agbanisíṣẹ́, òun kọ́. Kí wá ni ẹrù agbanisíṣẹ́ ń wá lórí òun?

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rọra súnmọ́ Àǹtí Oníwọ̀n, obìnrin tó ti lo ọdún méjìlá nídìí ìwọ̀n, tó sì kọ́ ọ níṣẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n wo ìwé owó oṣù yín."

Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páálí jù sílẹ̀. "Háà! Ọmọ yìí! Ṣé orí ẹ pé?"

"Mi ò fẹ́ wo iye owó yín, Àǹtí. Orúkọ àwọn ìlà ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ rí, àti ibi tí wọ́n tò wọ́n sí."

Àǹtí wò ó títí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fa ìwé yọ nínú àpò abẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ya ọ̀rá bisikíìtì kan, ó fi bo gbogbo iye owó pátá mọ́lẹ̀, kò sì mú ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀. Orúkọ ìlà nìkan ló hàn. Wọ́n jọ tẹ orí bò ó bí ẹni ń wo oyin nínú ihò. Lábẹ́ owó tí wọ́n yọ, ìlà méjì péré ló wà: owó orí, owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì agbanisíṣẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àpótí kékeré kan lọ́tọ̀, lẹ́yìn ìlà owó tó dé ọwọ́.

"Àǹtí, èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, ṣé wọ́n ń yọ ọ́ nínú tiyín?"

"Rárá o. Ti ilé iṣẹ́ ni. Èmi ń dá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún láti inú tèmi, àwọn ń fi mẹ́wàá lé e láti inú àpò tiwọn, gbogbo ẹ̀ á lọ sínú àkáǹtì tó ní orúkọ mi, dọjọ́ ogbó. Wọ́n kàn ń kọ ọ́ síbẹ̀ kí n lè mọ̀ pé wọ́n san án ni." Ó wo ìwé Oníbéèrè, ó sì lanu. "Yéè! Tìẹ wà lókè!"

"Owó orí ńkọ́? Ìyẹn tọ́?"

"Jẹ́ ká wò ó." Àǹtí fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sára páálí. Ó ní wọn kì í gba owó orí lórí owó tó ti wọ ìfẹ̀yìntì: yọ mẹ́rìndínlógún nínú igba, ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án. Ìjọba ò fọwọ́ kan ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọgọ́rùn-ún tó ṣẹ́kù, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá géérégé. Ìyẹn tọ́. Ogún yẹn nìkan ni kò tọ́. Ṣé o máa lọ bá wọn?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán ọmọ tuntun wò, wọ́n sì lè ní kó máa lọ láìsọ ìdí. Bó bá dákẹ́, ìyá yóò gbà á kúrò. Bó bá sọ̀rọ̀ láìdáa, ilé iṣẹ́ yóò lé e. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó mú ìwé náà, ó lọ bá akọ̀wé owó oṣù.

Akọ̀wé ò gbójú sókè. "Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń yọ fún, àbúrò. Ìjọba ni. Ẹ̀yin ọmọ tuntun ẹ máa ń kọminú sí owó àkọ́kọ́ yìí."

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò kọminú sí owó orí, ó pé. Mi ò kọminú sí mẹ́rìndínlógún, ti ìfẹ̀yìntì mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi ka ìlà kẹta sókè."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó sì kà á: "Owó ìfẹ̀yìntì agbanisíṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà..." Ó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí kò jáde sétí. Ó dìde, ó wọlé lọ bá ọ̀gá ìṣirò owó, obìnrin kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń bẹ̀rù bí iná. Oníbéèrè dúró síbẹ̀, gbogbo àdúrà tó mọ̀ ló ti gbà tán kí wọ́n tó jáde.

Ọ̀gá gbé ìwé náà dání. "Àwọn mẹ́jọ tí a gbà lóṣù yìí, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Àtìgbà tí a ti ń tẹ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fi ìlà yẹn síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Mẹ́jọ gbà á, mẹ́jọ ká a, mẹ́jọ tì í bọ àpò." Ó wo Oníbéèrè láti òkè dé ilẹ̀. "Ibo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ìdí ìwọ̀n, mà."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Àṣìṣe wa ni, ẹ má bínú. Ọjọ́rú, ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á rí owó yín, pẹ̀lú ìwé tuntun."

Nígbà tó padà sídìí ìwọ̀n, Àǹtí ti sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bó ṣe ròyìn ohun tí ọ̀gá sọ, wọ́n hó yèè! Àǹtí lu àyà, "Èmi ni mo kọ́ ọ o! Ọwọ́ mi rèé!"

Lọ́jọ́rú, Oníbéèrè tẹ́ ìwé tuntun sórí tábìlì tí ìyá fi ń gé aṣọ. Ó ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ìyá gbọ́ títí dé owó tó dé ọwọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́sàn-án.

"Ìyẹn ò pé igba síbẹ̀," ni ìyá wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ó pé, Màámi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ti ìlú ni. Mẹ́rìndínlógún kò sọnù, tèmi ni, iwájú ló lọ dúró dè mí. Ogún tó wà nínú àpótí yìí sì wà lórí igba, àwọn ló ń fi kún un."

Ìyá bọ́ gíláàsì. "Gbogbo àwọn olówó ilé iṣẹ́ yẹn, ìwọ ọmọ mi lo sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í kọ?"

"Èmi ni, mà."

"Wọ́n sì ní kí o má bínú?"

"Wọ́n ní kí n má bínú."

Ìyá rẹ́rìn-ín débi pé ó fi etí ìró nu ojú. Inú rẹ̀ dùn, ó sì sọ ọ́: "Orí mi wú. Mò ń sọ ọ́ fún ọ, orí mi wú." Lẹ́yìn náà ló tún fi ìka lé àpótí kékeré ìsàlẹ̀ yẹn, kò sì mú un kúrò fún ìgbà díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ránṣọ, ẹnikẹ́ni ò fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ de ogbó rẹ̀ rí.

"Ẹni tí kò ní ọ̀gá ńkọ́?" ló béèrè jẹ́jẹ́. "Èmi, ṣé mo lè ṣí irú àkáǹtì yẹn? Ta ló máa dá ti agbanisíṣẹ́ fún mi?"

"Ẹ lè ṣí i, Màámi. Mo ti béèrè. Ẹ̀yin á máa dá tiyín díẹ̀díẹ̀, èmi á máa dá ti agbanisíṣẹ́."

Ìyá gbé gíláàsì wọ̀, ó bọ́ ọ, ó tún gbé e wọ̀. Lẹ́yìn náà, ó na ìka sí ọmọ rẹ̀ lójú.

"Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni agbanisíṣẹ́ ń dá o. Má wá fún mi ní mẹ́jọ."