Síwájú Wo?

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé ilé-ìkàwé fẹ́ rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Òǹkàwé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìyá rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó dákẹ́. Iṣẹ́ títún ìwé gbígbó dì ni, iṣẹ́ tó ti ń lálàá rẹ̀ láti ìgbà tó ti kọ́ ọ. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni wọ́n fún un. Aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀ náà ni ìsìnkú.

"Lọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ìyá rẹ ò ní bínú."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

Àwọn méjèèjì péré ló kù nínú ilé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Òǹkàwé fèsì sí ilé-ìkàwé. Ó dúpẹ́, ó sọ ti ìsìnkú, ó ní iṣẹ́ náà wu òun púpọ̀, "Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sún un síwájú díẹ̀." Kò tún un kà tó fi ránṣẹ́.

Ìdáhùn dé nírọ̀lẹ́: "A bá yín kẹ́dùn. A ti sún un síwájú, sí Ọjọ́rú."

Ọjọ́rú ni wọ́n ń lọ gbé òkú ní ilé ìwòsàn.

"Síwájú wo lo kọ?" ni Bàbá bi í. "Èyí tó ń lọ, àbí èyí tó ń bọ̀? Ìyá rẹ ìbá ti gbá a mú."

Òótọ́ ni. Títẹ ìwé fún ọ́fíìsì ni ìyá rẹ̀ fi jẹun láyé rẹ̀. Lẹ́tà kan kì í jáde nílé wọn láìjẹ́ pé wọ́n kà á sókè sí i létí. Á di ojú, á ní, "Ẹni tó máa kà á, ṣé inú rẹ ló ń gbé?"

Ẹ̀rù ń ba Òǹkàwé. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn á ní onídààmú ni. Síbẹ̀ ó kọ ọ́:

"Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi ni kò yanjú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ní lọ́kàn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, tàbí ọjọ́ yòówù tó bá rọ̀ yín lọ́rùn lọ́sẹ̀ náà, n ó wà níbẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, mo lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Ẹtì."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, akọ̀wé ilé-ìkàwé pè é.

"Àǹtí Síwájú, ẹ kú àráfẹ́rakù."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ foríjì mí."

"Èmi náà ni mi ò béèrè. Ọ̀gá wa ka lẹ́tà yín kejì, wọ́n ní ẹni tó ń tún ìwé ṣe, ó dáa kó lè tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá. Ẹ lọ sin màmá yín dáadáa."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ìdúpẹ́: òun ti gbọ́, òun ń bọ̀.

"O ti fi ránṣẹ́?" ni Bàbá bi í.

"Ó kù díẹ̀, sà."

Ó fa àga ìyá rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé, ó gbọn tìmùtìmù orí rẹ̀, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì ka lẹ́tà náà sókè, díẹ̀díẹ̀.