Àga Tí Kò Rí Ẹni Jókòó

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi Ṣèyífúnmi pé ṣé Bàbá Àdìó ti ń bọ̀, ariwo ló máa fi dá onítọ̀hún lóhùn. Fíìmù àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń darí nìyí, wọ́n sì ti dé ibi tó ṣe pàtàkì jù, níbi tí bàbá ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ilé tí wọ́n yá ní Bódìjà ti ṣe tán. Wọ́n ti fi àtíkè kun ojú Túnráyọ̀, tó ń ṣe ọmọ, lẹ́ẹ̀kan, ó ti làágùn, wọ́n ti tún un kùn. Àga Bàbá Àdìó, àgbà òṣèré tó ń ṣe bàbá, nìkan ló ṣófo. Ọ̀la ni ayálégbé tuntun ń kó wọnú ilé náà. Bí ilẹ̀ òní bá ṣú láìjẹ́ pé wọ́n yà á, fíìmù náà kò ní ìparí nìyẹn.

“Ọ̀gá, ẹ pè wọ́n,” ni Abdulhafeez tó ń fi kámẹ́rà ya fíìmù wí.

“Kí n pè wọ́n kí n ní kí ni? Àná ni mo fi àkókò àti àdírẹ́sì òní àti tọ̀la sórí Wásáàpù. Mo wò ó, wọ́n kà á.”

“Kí wọ́n kà á yàtọ̀ sí ká pè wọ́n.”

Nígbà tí Ṣèyífúnmi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn olùdarí mìíràn, òun ni wọ́n máa ń rán lọ kan ilẹ̀kùn àwọn àgbà òṣèré láàárọ̀, tí yóò máa bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó ń bínú. Ó ti búra pé lọ́jọ́ tí òun bá di ọ̀gá, kò sẹ́ni tí òun máa sá tẹ̀ lé. Iṣẹ́ niṣẹ́.

Ó bá ní kí wọ́n ya èyí tó ṣeé yà. Èjìká Níyìolúwa tó ń kun ojú àwọn òṣèré fẹ̀ bíi ti Bàbá. Wọ́n wọ bùbá búráùn tí wọ́n rà fún bàbá fún un, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n ní kó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, wọ́n sì ya Túnráyọ̀ láti orí èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ́ ya ojú ọmọ nìkan. Abdulhafeez lẹ tépù mọ́ ọ̀pá tó gbé iná wọn dúró, níbi tí ojú Bàbá ìbá wà, kí ojú Túnráyọ̀ má baà máa rìn kiri. Ṣèyífúnmi fúnra rẹ̀ jókòó ti kámẹ́rà, ó ń ka ọ̀rọ̀ Bàbá.

“Àǹtí, ẹ má bínú,” ni Túnráyọ̀ wí, “ó ń ṣe mí bíi pé ẹ fẹ́ gbá mi létí.”

Wọ́n ti pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀ kí ariwo wọn má baà ba ohùn jẹ́, ilé sì gbóná janjan. Nígbà tó yá, kò ku nǹkan kan mọ́ àfi ojú Bàbá, ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni ò sì lè ṣe ìyẹn. Oòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé. Ṣèyífúnmi mú fóònù, ó wa eyín pọ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Ṣèyífúnmi ni. A ti ń retí yín látàárọ̀.”

“Èmi náà ti múra látàárọ̀,” ni Bàbá wí. “Mo jókòó sí pálọ̀ ní Baṣọ̀run níbí. O ò kúkú pè mí.”

Ṣèyífúnmi gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó. Baṣọ̀run tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn wá láti ibẹ̀!

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ máa bọ̀.”

Bàbá dé nínú léèsì funfun, aṣọ ara rẹ̀, bí àwọn àgbà òṣèré ti máa ń ṣe. Gbogbo wọn wo Níyìolúwa. Búráùn ni bàbá wọ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti yà. Bí ojú rẹ̀ bá jáde nínú funfun, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti dòfo. Búráùn náà sì ti rin dé ibi àyà fún òógùn.

Ṣèyífúnmi kúnlẹ̀. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mi ò pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀ ọ́.”

Bàbá fi ìka méjì gba bùbá náà. “Ta ló wẹ̀ sínú èyí?” Ó wọ̀ ọ́, ó dé fìlà náà, ó sì jókòó.

Ìmọ́lẹ̀ tó kù bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan. Kámẹ́rà ń lọ. Ó wo Túnráyọ̀ títí, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un, ó wá fi èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ kún un: “Èmi ni mi ò pè ọ́.” Túnráyọ̀ bú sẹ́kún. Ṣèyífúnmi gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu Bàbá, ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó dára ju ohun tó kọ lọ. Abdulhafeez ní àwọn ti rí i yà. Ilẹ̀ ṣú.

Bàbá bọ́ bùbá. “Àdúgbò Challenge la ti máa ya fíìmù lọ́la, àbí? Aago mélòó?”

Ó kù díẹ̀ kí Ṣèyífúnmi sọ pé ó wà lórí Wásáàpù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Aago méje àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.”

“Màá wá,” ni Bàbá wí, ó ń de bọ́tìnì léèsì rẹ̀. “Mo ti kà á látàná.”