Bàbá Ìbéèrè Mẹ́fà àti Páìpù Tó Fọ́

Olùkọ́ kan wà ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Bàbá Ìbéèrè Mẹ́fà. Wọ́n rò pé kò mọ̀. Ó kúkú mọ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé nígbà mìíràn, tó bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ á fi ki ara rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kó tó di olùkọ́, kò sì sí kíláàsì tí kì í ti mẹ́nu bà á. Tó bá ti ròyìn ara rẹ̀ tán, á wá na ìka sókè.

"Ta ni? Kí ló ṣe? Nígbà wo? Níbo? Kí ló fà á? Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ìròyìn tí kò bá dáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, arọ ni. Ó lè jókòó, kò lè rìn."

Òun náà ló ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, omi ò yọ mọ́ ní họ́sítẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin. Kó tó di ọ̀sán, tọ̀hún tìhín ni wọ́n ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ń kùn bí oyin. Bàbá wa bá fọwọ́ pa tábìlì. Ìròyìn ti dé ilé rẹ̀ láìpè. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ tuntun kan tí kò tíì kọ ìròyìn rí, ọmọbìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Akéwì, nítorí pé ewì ló fi gba gbogbo ẹ̀bùn tó gbà nílé ẹ̀kọ́ girama.

"Họ́sítẹ̀lì tìrẹ náà ni, àbí? Lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi yín. Kọ ọ́ wá."

Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: "Omi o! Ìwọ omi, kí la fi ṣe ọ́? Òwúrọ̀ là, ẹ̀rọ omi dijú, ó dákẹ́ bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀..." Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí tó fi kún ojú ìwé.

Bàbá Ìbéèrè Mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé ibi ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún tó kọjá. Àmọ́ ó fajú ro bí àgbà.

"Jókòó. Ká ní o pe ìyá rẹ lórí fóònù báyìí, ṣé 'omi o, ìwọ omi' ni wàá máa kọ sí i létí?"

"Rárá, sà."

"Kí ni wàá sọ?"

"Màá ní, 'Màmá, omi ò yọ ní họ́sítẹ̀lì wa láti àárọ̀. Wọ́n ní páìpù ló fọ́.'"

"Ó parí! Kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó fò lọ. Ìròyìn nìyẹn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kó kọ́kọ́ jáde, torí ẹni tó ń kà á lè ti kúrò níbẹ̀ kó tó dé ìparí. Ewì lè fi adùn rẹ̀ pa mọ́ sísàlẹ̀, ìròyìn ò gbọdọ̀ ṣe é." Ó gbé bírò pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́ka. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Omi ò yọ. Ìyẹn wà. Níbo? Họ́sítẹ̀lì yín. Nígbà wo? Àárọ̀ òní. Kí ló fà á? O ní páìpù fọ́. Ta ló sọ fún ọ?"

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, sà."

"Gbogbo èèyàn kì í ṣe ẹnì kan. Tí wọ́n bá já wa nírọ́ lọ́la, èwo nínú gbogbo èèyàn la fẹ́ pè? Ẹni tó rí i, tàbí ẹni tó ń tún un ṣe, ni kó o lọ bá. Báwo ló sì ṣe fọ́?"

"Ó kàn fọ́ ni, sà."

Ibí yìí ni inú Bàbá ti dùn jù. Ó fara ti àga. "Ó kàn fọ́? Ṣé páìpù jí láàárọ̀, ó ní ayé sú òun, ó wá fọ́ ara rẹ̀? Ẹnì kan ló fọ́ ọ. Má padà wá síbí láìmú 'ta ni' dání. Tó o bá sì rí i, má ṣe kọ orúkọ rẹ̀ kó o tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, torí agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni yòówù kó jẹ́ o! Ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì yìí, wò ó lójú kó o bi í."

Akéwì jáde. Bàbá jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, awakọ̀ tírélà kan tí kò bìkítà ló ṣe é, ó sì ti ń wá àkọlé tó máa dá sẹ̀ríà fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ náà padà dé. Eruku bo bàtà rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọ̀ wo ni ọkọ̀ yín?"

"Àwọ̀ ewé. Kí ló dé?"

"Ibo lẹ gbé e sí láàárọ̀ àná?"

"Ẹ̀yìn ilé ìkàwé, níbi tí mo máa ń..." Ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dún *gbì* nínú orí Bàbá. Ó ti gbọ́ *gbì* yẹn lánàá nígbà tó ń ṣe rìfáàsì. Ó rò pé òkúta etí ọ̀nà ni, ó wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ó sì gba kíláàsì lọ láìwẹ̀yìn.

Akéwì ní òun lọ bá oníṣẹ́ páìpù tó ń tún un ṣe. Ọkùnrin náà fi páìpù tó yọrí láti inú ilẹ̀ hàn án, ó ti tẹ̀, ó ti là nísàlẹ̀, ọ̀dà àwọ̀ ewé sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ọkọ̀ ló kọ lù ú, òun ò mọ ọkọ̀ ta ni. Obìnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lódìkejì ní òun rí ọkọ̀ náà, òun sì mọ ẹni tó wà á. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ náà rí i.

"Mo bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sà. Wọn ò sí lọ́dọ̀ ara wọn. Ẹnì kan náà ni wọ́n dárúkọ." Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ̀yin ni 'ta ni' náà, sà. Mo wá gbọ́ tẹnu yín."

Bàbá tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì fi ohùn àgbà bẹ̀rẹ̀. "Hẹ̀n... ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ kan ti fara kan páìpù náà."

"Ṣé ọkọ̀ náà ló wa ara rẹ̀, sà?"

Bàbá wúkọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, má kọ ọ́ o."

Akéwì gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ẹ kọ́ wa pé tí ẹnì kan ò bá fẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ òun, àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Mi ò tíì gbà, sà. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ sọ ọ́, ẹ máa sọ ọ́."

Ohun tó jáde lẹ́nu Bàbá ni, "O mọ̀ pé èmi ni olóòtú ìwé ìròyìn yìí."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ojú fi gbà á tì. Ó mọ ohùn yẹn. Ohùn àwọn ọ̀gá ńláńlá tó máa ń lé òun kúrò ní ọ́fíìsì wọn nígbà tí òun ṣì jẹ́ akọ̀ròyìn ni, èyí tí òun máa ń sín jẹ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ó wá ń jáde lẹ́nu òun, kò tiẹ̀ nílò pé kí òun sín ẹnikẹ́ni jẹ.

"Dárí jì mí," ó ní. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà. Èmi ni mo fọ́ páìpù."

Akéwì kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló tún gbójú sókè. "Kí ló fà á, sà?"

"Mi ò rí i ni."

"Ṣé ẹ ò wo dígí ni?"

"Mo wo dígí."

"Kí lẹ wá rí nínú rẹ̀?"

Àánú ara rẹ̀ ṣe Bàbá Ìbéèrè Mẹ́fà. Ó lè parọ́. Ó wo ọmọ náà, ó wo bírò ọwọ́ rẹ̀. "Ara mi," ló fi dáhùn. "Mo yí dígí náà síhà ọ̀dọ̀ mi. Mo ń dánra wò bí màá ṣe sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Mo ń wo bí ìka mi ṣe ń rí tí mo bá nà án sókè."

Akéwì ge ètè jẹ títí, ẹ̀rín ṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ran Bàbá, òun náà rín in tó fi di pé omijé ń bọ́. Nígbà tó dákẹ́, ó dìde.

"Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìròyìn yìí mọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ká lọ."

Ó mú un lọ sí yàrá kejì, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń kọ́ wọn ní fọ́tò yíyà, ó sì ṣàlàyé ohun gbogbo fún un kó lè di olóòtú fún ọjọ́ yẹn. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó di ojú rẹ̀ mú kó má baà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibi dígí yẹn sọ."

Ó tún un sọ. Ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sun ní ọ́fíìsì àwọn tó ń tún nǹkan ṣe, ó sì padà wá jókòó bí ẹni tó ń dúró de kí wọ́n yọ eyín òun. Ó gbọ́ tí obìnrin náà ń rán Akéwì padà pé kó lọ bèèrè ìgbà tí omi máa dé, torí ohun tí àwọn òǹkàwé fẹ́ mọ̀ jù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun náà ì bá ti gbàgbé.

Nírọ̀lẹ́, ìròyìn jáde. "Ọkọ̀ olùkọ́ kan ní ẹ̀ka ìròyìn ló fọ́ páìpù lẹ́yìn ilé ìkàwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èyí ló sì jẹ́ kí họ́sítẹ̀lì àwọn obìnrin wà láìsí omi di ìrọ̀lẹ́ òní." Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ló tẹ̀ lé e, tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Dígí wà ní ìpínrọ̀ kẹta, láàárín àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, láìsí ohun tí wọ́n bù kún un. Kò sí ewì kankan níbẹ̀. Bàbá wá àṣìṣe kan títí, kò rí.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ kà á sókè látorí fóònù, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn ọmọ, ó tún pe ìyá rẹ̀ kó kà á fún un.

"Bàbá wọn," ó ní, "ọmọ yìí mọ iṣẹ́ o. Ta ló kọ́ ọ?"

Bàbá ò mọ̀ bóyá kí òun gbéra ga ni àbí kí òun wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n yẹ ìròyìn náà wò, kí wọ́n sọ ohun tó kù níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn nawọ́ sókè. "Kò sọ bóyá ẹ bẹ àwọn ọmọbìnrin náà, sà."

Bàbá ò bẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Kò tilẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀. Bàbá bá bọ́ sáàárín, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó fi òwe sí i, ó rántí ìyá rẹ̀, ó yin omi, ó yin ọmọbìnrin, ó ń bá a lọ títí olùkọ́ tí kíláàsì kàn fi ń kan ilẹ̀kùn. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó yíjú sí Akéwì, tó ti ń kọ ọ́ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o rí gbogbo rẹ̀ kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Akéwì ní, ó sì gbé ìwé sókè, ó kà á: "Ó tọrọ àforíjì."