Omi Ẹnu Sàléńsà

Ọ̀gá mi, Ikúmápàyí, kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Á ní kí wọ́n sítáàtì ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, á gbé ọwọ́ sẹ́nu sàléńsà, á gbóòórùn ọwọ́ náà, á sì kéde. Èéfín dúdú: epo ló ń jẹ jù. Èéfín búlúù: ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tó ń kán omi: gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Dókítà Sàléńsà ni gbogbo Abúlé Òkúta ń pè é. Ká má purọ́, ó máa ń tọ̀nà. Ìgbà tí kò bá sì tọ̀nà, ẹni tó ni ọkọ̀ ló lọ ra epo burúkú.

Èmi Kausarat, iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọdún mẹ́rin la jọ ṣàdéhùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti wà ní ọdún kẹfà. Tí mo bá ti dárúkọ fírídọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́, Ọ̀gá á ní ààwẹ̀ ti wọlé, tàbí ìbò ń bọ̀, tàbí pé obìnrin kì í kánjú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé fírídọ̀mù rẹ̀ níwájú akọ̀wé ẹgbẹ́ kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Bàrígà. Ìwé yẹn nìkan ni mo ń wá láyé.

Ọdún kejìlá tí sójà ti padà sí bárékè ni, ọdún kejìlá tí àwọn alágbádá ti ń ṣèlérí iná fún wa. Dọlápọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Akoka, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kan ọkọ̀ kékeré kan, oníjókòó kan, tó ń lo gáàsì háídírójìn. Ó gbé e wá kí n bá òun to wáyà rẹ̀.

Mo bi í bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó nawọ́ sí géètì àdúgbò wa, èyí tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè, tí àyè tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wo ìyá kan tó gbé igbá lérí, tó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ á rá gba àyè yẹn kọjá. Ìyá ò lè gbabẹ̀, ó di dandan kó rìn yí ojúlé ká kó tó bá ọmọ ẹ̀ lódì kejì. Bí gáàsì yìí ṣe rí nìyẹn. Nínú àpótí ọkọ̀ yìí, ó máa pín sí méjì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín tó jẹ́ kí apá kan kọjá, tí ò jẹ́ kí apá kejì kọjá. Apá kejì yẹn ló ń gba inú wáyà yí ká."

"Ìrìn tó ń rìn nínú wáyà yẹn ni iná?"

"Òun gan-an ni iná tó ń yí táyà. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé lódì kejì, wọ́n á bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ wọlé, wọ́n á di omi. Omi yẹn àti afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù ló ń bá sàléńsà jáde. Kò sí ohun tó ń jó níbẹ̀, kò sì sí èéfín."

Ẹyọ awọ kan kò lè fúnni ní fóòtì kan péré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to ogójì lé ara wọn. Mo bi í níbi tí wọ́n ti ń rí háídírójìn. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní inú omi làwọn ti ń fi iná yọ ọ́, pé níwọ̀n bí kò ti sí iná, jẹnẹrétọ̀ làwọn ń tàn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ̀ tí kò ní èéfín, jẹnẹrétọ̀ ló ń bá a rú èéfín tirẹ̀!

Nígbà tí mo to wáyà tán, ọkọ̀ dún wùùù jẹ́ẹ́jẹ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ síbẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó."

"Ọ̀gá, kò ní ẹ́ńjìnì," mo ní. "Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn."

"Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ń kọ́ mi! Ọkọ̀ tó ń da omi nù, á gbóná, á kú sójú títì." Ó yíjú sí Ezekiel, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Akọ̀wé, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ Sunday, tí ọkọ̀ yìí bá lọ dé mọ́ṣáláṣí tó padà, màá fọwọ́ sí ìwé Kausarat. Tí kò bá padà, ọdún kan sí i."

Ọdún kan sí i! Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ Sunday, gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò ti tò sẹ́bàá títì. Dọlápọ̀ wọ inú ọkọ̀, ó gbéra. Kò tíì rìn tó ojúlé mẹ́rin tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀tìkọ̀. Ó dúró.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì!" Ọ̀gá pariwo. "Àti wáyà tí kò dára. Ọdún kan sí i!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gbé mítà tí mo fi ń wọn iná. Mo yẹ wáyà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: nǹkan kan ò ṣe é. Inú àpótí yẹn gan-an ni iná ti lọ sílẹ̀. Mo wá rí i pé ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ gbẹ. Ọkọ̀ tó ń sunkún lọ́jọ́ tí mo to wáyà rẹ̀, kí ló nu ojú rẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu sàléńsà bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́ jáde. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, ó kan aṣọ.

Mo fà á yọ. Omi tú jáde ṣàà, ó rin bàtà Ọ̀gá.

"Ẹnì kan dí i!" Dọlápọ̀ kígbe. "Omi ò ráyè jáde, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, ó ti mu omi yó!"

"Ọ̀tá ni!" Ọ̀gá ní. "Ẹni tó bá ṣe é, Ọlọ́run á tú àṣírí ẹ̀!"

Mo tú aṣọ náà. Àpò tí wọ́n ya kúrò lára ẹ̀wù iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ni, wọ́n sì fi òwú pupa kọ IKÚMÁPÀYÍ sí i lára. Ọlọ́run kò fi àdúrà yẹn falẹ̀ rárá.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ ní etí ọ̀sà. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ dá omi dúró ni," ó ní. "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́."

Dọlápọ̀ jẹ́ kí fáànù fẹ́ omi inú rẹ̀ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Iná gòkè padà. Ọkọ̀ lọ dé mọ́ṣáláṣí, ó sì padà, ó ń kán omi lẹ́yìn. Ezekiel ti na ìwé àti bírò sí Ọ̀gá kí ọkọ̀ tó dúró. Ọ̀gá fọwọ́ sí i lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ míì, kò sì wo ojú mi.

Nígbà tí èrò tú ká, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ nídìí ọkọ̀ náà, tó gbé ọwọ́ sẹ́nu sàléńsà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọ́ìlì ti kùn dúdú fún ọgbọ̀n ọdún, omi tó mọ́ ló wà lórí rẹ̀.

"Kausarat," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "tí gbogbo ọkọ̀ bá dà báyìí, kí ni n óò máa gbóòórùn?"

Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró dè é pé kó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ká ìwé mi, mo fi sínú àyà, mo lọ wá tówẹ̀lì fún un kó fi nu ọwọ́.